Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fi èdè Jámánì bá alábàáṣiṣẹ́ mi kẹ́dùn

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyá alábàáṣiṣẹ́ mi ti jáde láyé, ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Jámánì bíi tèmi ni mo ń kọ èyí fún, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò kú, tí ẹ óò sì mú fóònù lọ́wọ́ láti kọ ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni olórí wọ́ọ̀dù wa kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa pé ìyá ọ̀kan nínú wa ti kú lópin ọ̀sẹ̀, pé ẹni ọdún 84 ni. Èmi àti ọmọ olóògbé náà la jọ máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, òun ló sì fi sùúrù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Leipzig. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fèsì, níbẹ̀ gan-an, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ohun tí ǹ bá sọ ní Ìbàdàn ló wá sí mi lẹ́nu: ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, a dúpẹ́ pé wọ́n dàgbà kí wọ́n tó lọ, ẹ̀yìn wọn yóò dára, a ó sì fi ayọ̀ ṣe ìkẹyìn wọn. Mo wá yí i sí Jámánì:

"Wir danken Gott, dass deine Mutter so alt geworden ist. 84 Jahre sind ein Grund zum Feiern. Mit freundlichen Grüßen"

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Mo ti yege ìdánwò B2 kí n tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé èdè ni n kò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ ló padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ 2 péré ni àdéhùn iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní TVöD fi sílẹ̀ fún ẹni tí òbí rẹ̀ kú. Mo bá a ní yàrá ìsinmi, ó kọjú sí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ife. Mo kí i. Kò dáhùn. Ó fọ ife náà tán, ó ti omi pa, ó da ojú ife dé lórí aṣọ ìnuwọ́, ó wá yíjú sí mi, ó sì sọ láìgbóhùn sókè rárá pé: "Für mich gibt es nichts zu feiern." Ìyẹn ni pé, ní tòun, kò sí ohun tí òun fẹ́ ṣe àjọyọ̀ lé lórí. Ó kọjá lára mi, ó jáde. Omi ṣì ń ro láti ara ife náà sórí aṣọ, mo dúró síbẹ̀, n kò lè gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo padà sí wọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn kan, nítorí iye tí mo rí kò dúró lórí mi títí mo fi mú bírò.

Alábàáṣiṣẹ́ kan tó ti dàgbà ló pè mí jókòó lọ́jọ́ náà, tó sì là á yé mi. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó dàgbà kú, tí ọmọ rẹ̀ sin ín, orí ló bá a ṣe é. Ọpẹ́ tí a ń dú ni a fi ń gbé ọ̀fọ̀ náà nílẹ̀. Nínú ìwé ìbánikẹ́dùn Jámánì, bí ẹ bá ti fi ọjọ́ orí olóògbé tu ọmọ rẹ̀ nínú, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹbí fúnra wọn lè kọ ọ́ sínú ìkéde pé ẹ̀mí màmá àwọn gùn, tiwọn ni. Àwa kọ́ ló yẹ kí a sọ ọ́. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí tuni nínú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "Das Leben geht weiter" àti "Zeit heilt alle Wunden", nítorí àwọn gbólóhùn méjèèjì ń lé olọ́fọ̀ kúrò nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ti Ọlọ́run náà gba ìfura, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín ni kò sí nínú ìjọ kankan. Kì í ṣe pé mo ń sá fún ìgbàgbọ́ mi. Àdúrà mi fún màmá náà kò dúró.

Mo ra káàdì funfun tí kò ní ju ewé kan lára, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ báyìí:

Liebe K.,

vom Tod deiner Mutter zu hören, hat mich sehr traurig gemacht. Mein herzliches Beileid.

Ich denke an den Pflaumenkuchen, den sie uns im September auf die Station geschickt hat, und daran, wie stolz du ihn aufgeschnitten hast.

Deine Spätdienste am Samstag und Sonntag übernehme ich gern, die Stationsleitung weiß Bescheid. Du musst mir nicht antworten.

In stiller Anteilnahme

Ó ṣòro fún mi láti kọ "Tod", nítorí a kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ àgbàlagbà lórí bẹ́ẹ̀. A óò ní wọ́n papòdà, wọ́n ti sùn. Ṣùgbọ́n "vom Tod deiner Mutter" kò le létí wọn, ó ń fi hàn pé ẹ kò sá fún ohun tó ṣẹlẹ̀. Àkàrà èso tí màmá fi ránṣẹ́ sí wa ló gbé gbogbo káàdì náà ró, nítorí n kò pàdé wọn rí, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa wọn nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan nípa olóògbé, ẹ fo ìlà yẹn. Ẹ má ṣe hùmọ̀ ìyìn. Ní ti ìrànlọ́wọ́, mo ti lọ bá olórí wọ́ọ̀dù kí n tó kọ ọ́. "Melde dich, wenn du etwas brauchst" kò burú, àmọ́ olọ́fọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, pé kó wá máa ronú ohun tí yóò bèèrè.

Ẹ wo ìparí rẹ̀ pẹ̀lú. "Mit freundlichen Grüßen" tí mo kọ́kọ́ lò, ìparí lẹ́tà báńkì ni. "In stiller Anteilnahme" tàbí "Mit aufrichtigem Mitgefühl" ló bá a mu, wọn kì í sì í fi àmì ìdánudúró díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ti òkè, lẹ́yìn orúkọ, ni àmì náà wà, lẹ́tà kékeré ló sì ń tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ baba ló kú, "vom Tod deines Vaters" ni. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ń pè ní "Sie", bíi dókítà àgbà, ẹ kọ "Liebe Frau" tàbí "Lieber Herr" pẹ̀lú orúkọ ìdílé, kí ẹ sì kọ "vom Tod Ihrer Mutter" tàbí "Ihres Vaters", pẹ̀lú "I" ńlá. "ihrer" tó ní "i" kékeré yóò sọ ọ́ di ìyá ẹlòmíràn.

Mo fi káàdì náà sínú àpótí ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní "Danke für die Karte". A ti jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ padà. Ní alẹ́ àná, ó sọ fún mi pé òkúta inú èso náà ni màmá máa ń ní kí òun yọ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun nìkan, títí abọ́ yóò fi kún.