Owó àsansílẹ̀ tí mo pè ní èrè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìwé owó

Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán n'Ìbàdàn níbí. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni gbogbo wàhálà ẹ̀ wà, tí wọ́n bá ti wọlé tán, ẹ̀rọ á kàn jókòó máa wò wá ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ilé-ìwé, àwọn tó fẹ́ rán bùbá àti aṣọ ẹbí ló ń wá bá mi, wọ́n á gba aṣọ wọn, wọ́n á sanwó, ó parí. Ìwé kékeré kan ni mo ní, ojú kan fún owó tó wọlé, ojú kejì fún owó tó jáde, tóṣù bá parí mà á yọ ìkan kúrò nínú ìkejì, èyí tó bá kù lèrè mi. Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ. Káàṣì béésìsì làwọn akáńtáǹtì ń pè é: ọjọ́ tówó wọ ọwọ́ ẹ lo kọ ọ́ pé o pawó, ọjọ́ tó jáde lo kọ ọ́ pé o náwó.

Ìwé yẹn ò parọ́ fún mi rárá fọ́dún mẹ́rin. Ìgbà tí iṣẹ́ ilé-ìwé dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ilé-ìwé mẹ́ta ló fún mi níṣẹ́, wọ́n sì san ìdajì owó sílẹ̀ kí n tó gé aṣọ kankan. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹjọ, owó tó wà nínú akáǹtì mi ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo ṣí ìwé mi wò, ìwé náà ní èrè ni. Ni mo bá lọ ra ẹ̀rọ tókunbọ̀ tó ń kọ orúkọ ilé-ìwé sára àpò aṣọ, 750,000 náírà, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì. Oṣù kẹsàn-án kò tíì parí táwọn télọ̀ mi fi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ Sátidé tí wọn ò dìde, owó iṣẹ́ wọn ò pé, mo ní láti lọ bẹ ìyá alájọ kó fún mi lówó mi kó tó kàn mí.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni tàwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Oṣù kẹwàá, àdánù. Oṣù kọkànlá, àdánù. Ẹ̀rù bà mí, mo dá télọ̀ méjì dúró pé iṣẹ́ ò lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn méjèèjì mọ́ dáadáa, ìkan nínú wọn wà lọ́dọ̀ ẹni tá a jọ ń du iṣẹ́ báyìí. Iṣẹ́ lọ jàre. Ọdún tó dáa jù tí mo tíì ní rí nìyẹn. Ìwé mi ni ò lè sọ ọ́ fún mi.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti fi iṣẹ́ akáńtì fẹ̀yìn tì ló là mí lójú. Ó wo ìwé náà títí, ó wá bi mí pé, "Ìyá Ayọ̀, nínú mílíọ̀nù méjì tó wà ní báńkì lóṣù kẹjọ yìí, èló ni tìẹ?" Mo ní, "Bàbá, gbogbo ẹ̀ kọ́?" Ó ní, "Tẹ́ni tó ni ilé-ìwé bá dé lọ́la tó ní kóo dá owó òun padà torí pé o ò tíì gé aṣọ, ṣé wàá dá a padà?" Mo ní mà á dá a padà nítorí ẹjọ́. Ó ní, "Owó olówó nìyẹn. Gbèsè lo jẹ, aṣọ lo máa fi san án."

Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé èkejì fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní akirúwàlì béésìsì. Ọjọ́ tóo ṣiṣẹ́ tóo sì gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́ lowó di tìẹ nínú ìwé, bó ti san án ṣáájú, bó ṣì máa san án lẹ́yìn, kò kan ìwé. Gbogbo ìnáwó tó gbé iṣẹ́ yẹn jáde náà á bá a wọnú oṣù kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ n fi ilé-ìwé kan ṣoṣo nínú wọn ṣàpẹẹrẹ. Aṣọ 200, ìkan 9,000 náírà, àròpọ̀ ẹ̀ 1,800,000. Lóṣù keje wọ́n san 900,000 sílẹ̀, mo sì lọ sí Gbági Tuntun lọ ra aṣọ tán fún iṣẹ́ náà, 600,000. Oṣù kẹsàn-án la rán an tá a kó gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo san 300,000 fáwọn télọ̀, torí 1,500 ni mò ń san lórí aṣọ kan, bọ́tìnnì, òwú àti owó ọkọ̀ jẹ́ 100,000. Àfìgbà tó di oṣù kejìlá kí wọ́n tó san 900,000 tó kù.

Ìwé mi àtijọ́ á sọ pé mo jèrè 300,000 lóṣù keje tí mi ò tíì fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ, mo pàdánù 400,000 lóṣù kẹsàn-án tá ò sùn, mo wá jèrè 900,000 lóṣù kejìlá tí mo wà nílé tí mò ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Akirúwàlì á ní oṣù keje, òdo. Oṣù kejìlá, òdo. Oṣù kẹsàn-án, 1,800,000, yọ mílíọ̀nù kan tí mo ná sórí ẹ̀ kúrò, 800,000. Tẹ́ẹ bá ro tìwé àtijọ́ pọ̀, 800,000 náà ni, kò sówó tó sọnù. Oṣù tó gbé e sí ni ò jóòótọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù yẹn gan-an lèèyàn fi ń pinnu bóyá kóun gba télọ̀ sí i tàbí kóun dá wọn dúró.

Mo rò pé mà á ní láti gba akáńtáǹtì tàbí kí n ra nǹkan orí kọ̀ǹpútà. Bàbá ní rárá, pé kí n má ju ìwé kékeré mi nù, kí n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí n kàn fi ojú ewé mẹ́rin kún un: àwọn tó jẹ mí lówó, àwọn tí mo jẹ (owó àsansílẹ̀ wà níbí o, ẹ má gbàgbé), aṣọ tó ṣì wà lórí pákó, àti ohun tí mo ti san ṣáájú bí owó ṣọ́ọ̀bù. Níparí oṣù mà á wo bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe yí padà sí oṣù tó kọjá. Tí gbèsè tí wọ́n jẹ mí bá lé sí i, mà á rò ó mọ́ iye tó kù nínú ìwé kékeré, bí aṣọ orí pákó tàbí ohun tí mo ti san ṣáájú bá pọ̀ sí i náà mà á rò ó mọ́ ọn. Tí gbèsè tí èmi jẹ bá lé sí i, mà á yọ ọ́. Èyí tó bá dínkù, òdìkejì ẹ̀ ni mà á ṣe.

Ẹ fi oṣù kẹsàn-án yẹn wò ó. Ìwé kékeré ní mo dínkù ní 400,000. Ilé-ìwé ti jẹ mí ní 900,000 tuntun, ẹ rò ó mọ́ ọn. Àsansílẹ̀ 900,000 tí mo jẹ wọ́n ti tán torí mo ti kó aṣọ fún wọn, ẹ tún rò ó mọ́ ọn. Aṣọ 600,000 tó wà lórí pákó ti lọ, ẹ yọ ọ́. 800,000 ló máa fún yín. Kò ju wákàtí kan lọ, mo máa ń ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tóṣù bá parí tí wọ́n bá ti mú iná lọ, kò sóhun tí mo tún fẹ́ wò nígbà yẹn.

Owó ṣọ́ọ̀bù náà tún ń dà mí láàmú tẹ́lẹ̀. 360,000 ni mò ń san fọ́dún kan lóṣù kìíní, oṣù kìíní á wá dà bíi pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Báyìí 30,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ̀rọ 750,000 yẹn náà, a gbà pé á lo ọdún márùn-ún, 12,500 ni mò ń gbé lé oṣù kan.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé akirúwàlì tó nìkan. Ẹ padà wo iṣẹ́ yẹn: lóṣù kẹsàn-án ìwé ní mo jèrè 800,000, bẹ́ẹ̀ owó tí mo ti ná sórí ẹ̀ fi 100,000 ju èyí tí mo gbà lọ. Télọ̀ ò lè fi ojú ewé àwọn tó jẹ mí ra gaàrí. Ìdí nìyẹn tí mo ṣì ń kọ ìwé kékeré. Ìyẹn ló ń sọ bóyá mà á lè sanwó lọ́jọ́ Sátidé, èkejì ló ń sọ bóyá iye tí mò ń gbà lórí aṣọ kan tó.

Ibi tí akirúwàlì náà ti lè fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni gbèsè. Ilé-ìwé kan jẹ mí ní 240,000, wọ́n san 90,000, ìyókù di ẹ wá lọ́la ẹ wá lọ́túnla. Mo sì ti ka gbogbo ẹ̀ mọ́ èrè látoṣù kẹsàn-án. Báyìí mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo kó aṣọ sílẹ̀ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan lójú ewé yẹn, èyí tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, mà á bi ara mi léèrè lóòótọ́ bóyá owó yìí ṣì ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ pé irun lẹ̀ ń gẹ̀, tàbí oúnjẹ lẹ̀ ń tà tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó dìde, tí ọjà tẹ́ẹ rà ń tán láàárín ọ̀sẹ̀, káàṣì tó yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àsansílẹ̀ tàbí tà láwìn, tàbí tẹ́ẹ ń ra ọjà oṣù mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ẹ fi ojú ewé mẹ́rin yẹn kún ìwé. Tó bá sì ti di límítẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóo fẹ́ bóo kọ̀ mọ́: ìlànà IFRS for SMEs tí ilé-iṣẹ́ kéékèèké ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà sọ pé akirúwàlì ni kí wọ́n fi ṣe àkáǹtì ọdún, àfi ojú ewé tó ń sọ bówó ṣe wọlé tó jáde.

Ohun kan tó kù, tó mú mi gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni mo yí padà, mi ò sì kọ àwọn tó ti jẹ mí látọdún tó kọjá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n san án lóṣù kejì, mo kà á sí èrè ọdún tuntun, bẹ́ẹ̀ ọdún tó kọjá ni mo ti rán aṣọ náà. Ẹ ka gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jẹ yín, ẹni tẹ́ẹ jẹ, títí dórí ìgàn aṣọ tó kù lórí pákó. Ní ti 150,000 tí ilé-ìwé yẹn jẹ mí, mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé lóṣù kẹta, èrè oṣù yẹn sì tipa bẹ́ẹ̀ di àdánù. Lóṣù keje wọ́n tún pè mí pé kí n wá rán tọdún yìí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ san 150,000 yẹn ná.