Bírékà tó kọ̀ tí kò já

Nígbàkúùgbà tí ìyàwó mi bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, gílóòbù yàrá á ṣe bàìbàì. Tí a bá tún wá fi kẹ́tù se omi, bírékà á já. Oníná tí a pè yọ bírékà áńpù 10, ó fi 32 sípò rẹ̀. Kò já mọ́, inú wa dùn.

Kò pẹ́ tí òórùn nǹkan tó ń jóná fi ń jáde láti òkè àjà. Mo pa gbogbo iná ilé, mo pe àgbà oníná kan. Nígbà tó fa wáyà jáde, awọ rẹ̀ ti dúdú, ó ń rún sí wa lọ́wọ́. Wáyà tínínrín ti gílóòbù, 1.5 mm², ni, ara rẹ̀ náà ni wọ́n ti fa ti sọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Dádì Tọ́lá,” ó ní, “ẹ wo ìdí kẹ́tù yín: wọ́ọ̀tì 2200. Ẹ fi fóòtì 230 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpù 10. Áyọ́ọ̀nù ń fa mẹ́rin lé díẹ̀, sítóòfù oníná yín ń fa bíi mẹ́sàn-án. Ó di 23. Wáyà 1.5 tó wà nínú ògiri kò yẹ kó gbé ju bíi 15 lọ. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́. Bírékà 32 á máa wò ó títí á fi jóná.”

Ibẹ̀ ló yé mi pé jíjá tó ń já tẹ́lẹ̀ gan-an ló ń gbà wá.

A tún un fà. Gílóòbù dá wà lórí wáyà 1.5 àti bírékà 10. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lórí 2.5 àti bírékà 20. Éà-kọ̀ndíṣọ̀n ní wáyà 4 tirẹ̀ láti bọ́ọ̀dù. Tí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì bá já lóru báyìí, a ṣì ń ríran.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ara fíríìjì wa ti máa ń gbọn àwọn ọmọ lọ́wọ́, a rò pé fíríìjì ló bàjẹ́. Ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀! Ọ̀gá náà gbá ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́yìn ilé ìdáná, ó fa wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fi ẹ̀rọ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà lára ọ̀pá náà: óòmù 20. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó, torí 230 tí a fi 20 pín kò ju áńpù 11 àti ààbọ̀ lọ, bírékà 20 kò ní já fún un. Ó wá fi RCCB milíáńpù 30 kún un, bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá jò. Iná tó jáde àti èyí tó padà ló ń fi wéra. Tí díẹ̀ bá jò gba ara fíríìjì tàbí ara ènìyàn, á já.

Bọ́tìnnì T wà lójú rẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí iná kò kú, ọjọ́ náà ni màá pààrọ̀ rẹ̀.