Kóńgò gàrí pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ: bí mo ṣe kọ́ láti máa fi yúníìtì yẹ ìdáhùn mẹ̀káníìsì wò

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò mẹ̀káníìsì wa tí ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀ pátápátá. Irin méjì ni wọ́n so mọ́ okùn kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, okùn náà sì gba orí púlì kọjá. Púlì yìí wúwo, ó sì ń yí bí okùn ṣe ń lọ, nítorí náà a ò lè ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ká wá `a`, ìyẹn bí ìyára àwọn irin náà ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀, mo rí ìdáhùn, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí máàkì jáde, 4 nínú 10 ni mo gbà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tí a jọ ń gbé yàrá, ló bá mi wò ó. Kò mú ẹ̀rọ ìṣírò, kò sì ka ìbéèrè náà rárá. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló wò:

```
a = (m1 - m2) g / (m1 + m2 + I/R)
```

Ó fi ìka lé `I/R`, ó ní, "Àbúrò, kóńgò gàrí mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀pá aṣọ méjì, márùn-ún kí ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ṣeé rò pọ̀." Ó ní, "Ohun tí o sì rò pọ̀ síbí nìyẹn."

`I` ni ó ń sọ bí púlì ṣe ń ṣagídí tó nígbà tí a bá fẹ́ yí i, yúníìtì rẹ̀ sì ni `kg m²`. `R` jẹ́ mítà, torí láti àárín púlì dé etí rẹ̀ ni. Tí a bá fi `R` pín `I`, `kg m` ló kù. Àmọ́ `m1` àti `m2` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, `kg` lásán ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò tíì mọ ibi tí mo ti ṣìnà, síbẹ̀ ó ti mọ̀ dájú pé mo ṣìnà.

Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé iye tó gbé jáde kò jọ àṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká fi irin kílógíráàmù 3 àti 2 ṣe é, pẹ̀lú púlì tí `R` rẹ̀ jẹ́ mítà 0.1, tí `I` rẹ̀ sì jẹ́ `0.02 kg m²`. Fọ́múlà mi yóò fún wa ní nǹkan bí `1.88 m/s²`. Tí púlì kò bá wúwo rárá, `1.96` ni ì bá jẹ́. Ẹni tó bá rí `1.88` yóò sọ pé púlì ti dín in kù díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, yóò sì kọjá lọ. Ìdáhùn tòótọ́ ni `1.4 m/s²`.

Ẹ̀gbọ́n wá kọ́ mi bí a ṣe ń wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ máa yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò títí ẹ ó fi dé èyí tí apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ bára mu. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Tèmi rèé, níbi tí `T1` àti `T2` ti jẹ́ agbára tí okùn fi ń fà lápá kọ̀ọ̀kan, tí `α` sì jẹ́ bí ìyára yíyí púlì ṣe ń pọ̀ sí i:

```
m1 g - T1 = m1 a
T2 - m2 g = m2 a
(T1 - T2) R = I α
T1 - T2 = I a / R
```

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ní ìlà kẹrin, apá òsì jẹ́ agbára, ìyẹn `kg m/s²`. Apá ọ̀tún jẹ́ `kg m²` lọ́nà `m/s²`, tí a wá fi `m` pín, ó sì di `kg m²/s²`. Mítà kan ló lé. Ìyẹn sì sọ ohun tó sọnù fún wa, torí `R` nìkan ni ohun tó jẹ́ gígùn nínú ìbéèrè yẹn. Mo ti rántí fi `a/R` rọ́pò `α`, mo sì gbàgbé láti fi `R` apá òsì pín apá ọ̀tún. `I a / R²` ló yẹ kó jẹ́. Tí a bá tún un ṣe, `I/R²` yóò di kílógíráàmù 2, ìsàlẹ̀ yóò di 7, ohun gbogbo yóò sì tò.

Àwọn kan máa ń kọ M, L àti T dípò `kg`, `m` àti `s`. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ èmi fẹ́ràn `kg`, `m` àti `s`, torí pé T ti jẹ́ okùn níbí, ojú á sì tètè dàrú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi nọ́ńbà sí i títí ẹ ó fi dé ìparí. Tí mo bá ti fi 0.1 rọ́pò `R` láti ìlà kejì, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò mọ́. Ó tún burú jù tí `R` bá jẹ́ mítà 1: `R` àti `R²` yóò jẹ́ 1 méjèèjì, ìdáhùn yóò tọ̀nà lórí fọ́múlà tí kò tọ̀nà.

Ẹ má sì kàn kó `R` sí ibi tó bá ti wù yín kí yúníìtì lè bára mu. Mo ti rí ọmọ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí púlì onípele méjì, tó ní `R` ńlá àti `r` kékeré. `I/R²`, `I/r²` àti `I/(Rr)`, kílógíráàmù ni gbogbo wọn. Ó mú ọ̀kan, kò sì tọ̀nà. Ẹ padà lọ sí ìlà tó bàjẹ́, kí ẹ tún un ṣe láti ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ò lè dé wà o. Ká ní ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ ni `m1 - m2 + I/R²`, kílógíráàmù ni gbogbo rẹ̀, yúníìtì kò ní sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí `M` bá jẹ́ ìwúwo púlì, tí mo sì fi `I` ti òrùka, `MR²`, ṣe iṣẹ́ `½MR²` ti àwo tó kún dénú: ìdajì kò ní yúníìtì. Ní ti àmì, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á sọ `I` di òdo, mo á wo ohun tó kù. Fọ́múlà onímáínọ́ọ̀sì yẹn yóò di `a = g`, bí ẹni pé irin náà já bọ́ láti òkè láìsí okùn, nígbà tí irin kejì ṣì so kọ́ sápá kejì. Ní ti ìdajì, kò sí àbùjá kankan. Mo máa ń padà sínú ìbéèrè láti wò bóyá òrùka ni wọ́n sọ tàbí àwo.