Ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì fún àbúrò mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àyẹ̀wò fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé pélébé kan, mo sì kà á sí i létí. Oṣù 6 ni oògùn: oríṣi 4 fún oṣù 2, lẹ́yìn náà oríṣi 2 fún oṣù 4.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ikọ́ bá ti lọ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á fúyẹ́, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò ti kú. Àmọ́ àwọn kan ṣì ń sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn kì í sì í tètè pa wọ́n. Bí ó bá dáwọ́ dúró, wọ́n á jí, oògùn sì lè máà ràn wọ́n mọ́. Ìtọ́jú ìyẹn le ju èyí lọ.

Ẹ̀rù bà á nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ọsàn. Rifanpísìn, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, ló fà á, kò léwu. Àmọ́ tí ẹyinjú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, kó padà wá lójú ẹsẹ̀. Lópin oṣù kejì, wọ́n á tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò.