Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo kọ ìwé kó-jáde fún ayálégbé tó fi ilé mi háyà fún ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, mo kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo fi háyà, ẹni tí n kò rí rí ló sì yọjú sí mi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì mú rìsíìtì tí ayálégbé mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún un jáde, pé òun ti san owó oṣù 2. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi fóònù ya àwòrán rìsíìtì náà. Àdéhùn wa sọ ọ́ kedere pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ilé náà, tàbí apá kan nínú rẹ̀, háyà fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i nínú ìwé. Nígbà tí mo pe ayálégbé mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ìbátan mi ni, kò ní pẹ́ lọ." Ṣùgbọ́n ta ni í já rìsíìtì owó ilé fún ìbátan rẹ̀?

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, ayálégbé náà mú owó oṣù tuntun wá, mo gbà á, mo sì já rìsíìtì fún un. Lọ́jọ́ kejì, inú tó ń bí mi mú kí n kọ lẹ́tà pé kí ó kó jáde láàárín ọjọ́ 7. Lọ́yà tí mo fi lẹ́tà náà hàn ní kí n má tíì fún un. Ó ṣàlàyé pé ọjọ́ tí ayálégbé bá ti gbé ilé fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ ni ó ti rú àdéhùn, àti pé bí onílé bá ti mọ̀, tí ó sì tún gba owó ilé lẹ́yìn náà, kọ́ọ̀tù lè gbà pé ó ti fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nítorí náà, kò yẹ kí n gbára lé rírú àdéhùn nìkan mọ́. Ohun tó kù tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé oṣù dé oṣù ni a fi ń yálé náà, àdéhùn sì fún àwa méjèèjì láǹfààní láti fòpin sí i pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù 1. Òfin ibòmíràn lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ yẹ òfin àdúgbò yín wò kí ẹ tó ka ọjọ́.

Ọjọ́ gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé kó-jáde ti ń bàjẹ́. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni a fi ìwé tuntun náà jíṣẹ́, mo sì rò pé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni yóò parí. Lọ́yà ní rárá, nítorí pé ọjọ́ 1 ni oṣù ìyálégbé wa ń bẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ parí ní òpin oṣù ìyálégbé, lẹ́yìn tí oṣù kan bá ti pé. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni a wá kọ.

Ìwé náà kò ní èébú kankan. Lẹ́yìn orúkọ ayálégbé àti àpèjúwe yàrá náà, ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

"Mo fi ìwé yìí fòpin sí ìyálégbé yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kó jáde, kí ẹ sì dá yàrá náà padà fún mi ní òfìfo, ó pẹ́ jù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Mo rí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin pé ẹ fi yàrá náà háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ mi, èyí tí àdéhùn wa kà léèwọ̀. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì gba ẹni náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé mi. Bí ẹ kò bá jáde ní ọjọ́ náà, kọ́ọ̀tù ni n ó gbà lọ láti gba yàrá mi padà."

Nígbà tí mo mú un lọ, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ẹlẹ́rìí tí mo mú dání kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbé yàrá náà mú owó oṣù kẹfà wá bá mi. N kò gbà á, nítorí rìsíìtì kan ṣoṣo lórúkọ rẹ̀ lè sọ ọ́ di ayálégbé tèmi. Lọ́wọ́ ẹni tí mo bá ṣàdéhùn ni mo ti gba owó oṣù kẹfà, nítorí ìyálégbé rẹ̀ kò tíì parí. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, n kò ní gba owó ilé kankan mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyálégbé tuntun ti bẹ̀rẹ̀. N kò pa kọ́kọ́rọ́ dà, n kò sì gé iná, nítorí èyí lè sọ onílé tó jàre di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, àwọn méjèèjì ti kó jáde. Ayálégbé mi kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, a jọ yẹ yàrá náà wò, a kọ nọ́ńbà orí mítà iná sílẹ̀, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i.