Ìyá Ẹlẹ́rọ àti Oòrùn Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ wo ilé kan tí a fẹ́ ya eré sí, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú oṣù Karùn-ún. Ilé àtijọ́ alámọ̀ ni, lẹ́yìn Òkè Mápó n'Ìbàdàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn bí ojú irin. Oòrùn rọra yọ́ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó bà lé orí àga onígi kan bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Gílóòbù ń tàn lókè àjà. Bàbá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ lé eṣinṣin. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ta ló nilé yìí o?" Bàbá ní, "Èmi náà nìyí."

Mo ya fọ́tò mẹ́rin, mo fún Bàbá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa tó ń darí eré. Ọ̀gá ní, "Àga yẹn! Oòrùn yẹn! Ibẹ̀ ni màmá inú eré ti máa jókòó." Iṣẹ́ wíwá lokéṣọ̀n ti parí nìyẹn, lójú tèmi.

Owó eré pẹ́ kó tó jáde. Oṣù Kejìlá ni a tó débẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́rìnlá pẹ̀lú ẹrù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá bi mí ni pé, "Oòrùn dà?"

Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjìji ló bo ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo ní kí a ní sùúrù, ó máa tó yọ. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù, oòrùn ò yọjú sí iwájú ilé. Nígbà tí mo yí sẹ́yìn ilé ni mo rí i níbi tó wà, ó tàn rokoṣo sórí ààtàn àti ilé ìyàgbẹ́. Àríwá ni ilé yẹn kọjú sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dá oko rí n'Ìbàdàn ì bá ti sọ fún mi: láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá orí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, gúúsù ló ń gbà. Oòrùn tí mo yà ní fọ́tò ti kó kúrò nílé yẹn láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ò sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní atọ́nà tó ń fi àríwá hàn. Tèmi náà ní in. N kò tẹ̀ ẹ́ rí.

Ọ̀gá ò bá mi wí. Ó kàn wò mí. Ó ní kí a tan iná méjì, kí a fi ṣe oòrùn.

Ẹ ò gbàgbé gílóòbù tó ń tàn lọ́jọ́ Àìkú? Ní Ọjọ́bọ̀ tí a débẹ̀, iná ti lọ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n mo gbé jẹnẹrétọ̀ dání, mo sì ń gbéra ga. 2.5 kVA ni wọ́n kọ sí i lára. Iná méjèèjì jẹ́ wáàtì 1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 2,000. Lójú tèmi, ó ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń mójú tó iná fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní iye tí wọ́n kọ sí i lára yẹn, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wáàtì tó ń jáde, ìyẹn 2,000 géérégé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kékeré kò yẹ kó ru ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn lọ tí yóò bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. 1,500 nìyẹn. A tan èkíní, ó dára. A tan èkejì, ohùn jẹnẹrétọ̀ lọ sílẹ̀ bí ti arúgbó tó ń gun òkè, iná méjèèjì sì pọ́n bí epo pupa. Ẹ tún wá wo wáyà tí mo fi gbé iná wá láti ẹ̀yìn ilé: mo jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù wà ní wíwé sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wáyà tó bá wà ní wíwé tí iná ńlá sì ń gba inú rẹ̀, ooru rẹ̀ kì í ríbi jáde. Òórùn kan gba gbogbo àgbàlá. Ọmọdé kan ní, "Màmá, ta ló ń dín bàtà?"

A yanjú ìyẹn. Iná kan ṣoṣo la lò. Màmá jókòó, kámẹ́rà ń yí, màmá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìdí tí mo fi pè ọ́..."

Gbràgàdà-gàdà-gàdà-gàdà!

Ẹ̀rọ ìlọta ni, òdìkejì títì gan-an. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìyá tó ni ín máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré kọjá, mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Ìyá Ẹlẹ́rọ wo àwọn oníbàárà tó to abọ́ tòmátì sílẹ̀, ó ní ta ni yóò san owó wọn. Mo san ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó pa á. A ya ìran kan. Ó tún tan án, mo tún san ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo kọjá, mo yọjú wo inú ẹ̀rọ. Kò sí ata. Kò sí tòmátì. Kò sí oníbàárà kankan mọ́. Ìyá jókòó tì í, ó ń jẹ ẹ̀pà, ẹ̀rọ ń lọ afẹ́fẹ́.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń lọ̀?"

Ó ní, "Mò ń lọ̀ yín."

Nínú ariwo yìí ni Mọ́gàjí ẹbí dé pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún, ó béèrè ẹni tó fún wa láyè. A wá Bàbá eléṣinṣin, a ò rí i. Ayálégbé yàrá ẹ̀yìn ni, ó ti tó oṣù méje tó ti jẹ owó ilé. Mọ́gàjí ò bínú púpọ̀, ó kàn gba owó tirẹ̀, ó sì béèrè fún ìwé tó sọ yàrá tí a óò wọ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí a óò lò, àti ẹni tí yóò san án bí nǹkan bá fọ́. Mi ò ní ìwé kankan. Ẹ̀yìn ìwé eré la kọ ọ́ sí, òun àti ẹbí méjì fọwọ́ sí i.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta. Mo kọ ohun tí n óò máa yẹ̀ wò síbẹ̀: kí n lọ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà tí a óò ya eré, kí n lọ lẹ́ẹ̀mẹta, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí n tẹ atọ́nà, kí n sì béèrè oṣù tí a óò ya á, kí n ka ohun tí jẹnẹrétọ̀ yóò gbé kí n tó gbé e, kí ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní onílé mú ará ilé méjì wá jẹ́rìí sí i. Ti ariwo ló gba ojú ewé jù: kí n jókòó, kí n dijú ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n kọ gbogbo ìró tí mo bá gbọ́.

Ilé tó tẹ̀lé e, l'Ábẹ́òkúta, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo jókòó síwájú ilé, tí mo dijú, obìnrin kan dúró lé mi lórí pẹ̀lú omitoro lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, ṣé kò sí o? Láti àárọ̀ lẹ ti ń wá sùn síbí."

Mo ní mi ò sùn, ìró àdúgbò ni mò ń gbọ́, nítorí a fẹ́ ya eré.

"Ìró? Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò ọkọ mi ló ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń fọn ọ́n kọ́ra, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí."

Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ohun tí mo kọ, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kó má baà fọn ún, èló lẹ máa san?"