Orúkọ ẹ̀dá ìtàn, àmì orí ẹ̀, àti "ó" pẹ̀lú "wọ́n": ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíka ìwé ìtàn gígùn ká tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíka ìwé ká tó tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun kan tó máa ń fojú pamọ́ gan-an. Tí ìtàn bá kúrú, ojú lásán á rí gbogbo àṣìṣe inú ẹ̀. Àmọ́ ìwé tó bá ti tó 300 ojú ewé, ẹni tó kọ ọ́ lè ti wà nídìí ẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta, ó ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ó kọ apá kan lórí fóònù, ó fi í sílẹ̀, ó tún padà wá, bó ṣe kọ orúkọ kan ní orí kìíní kọ́ ló máa kọ ọ́ ní orí kejìlélógún, bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ò ní mọ̀, torí ó ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé ni kò mọ̀.

Ohun tí mo kọ́ kọ́kọ́ ni pé kéèyàn má fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà àkọ́kà. Ẹ kà á, kí ẹ máa fi bébà tàbí fáìlì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ti yọjú nínú ìtàn ẹ kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ojú ewé tó ti kọ́kọ́ yọjú, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é àti ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń tún un ṣe bí ẹ ṣe ń kà á lọ, ohun tí ẹ ṣe ní orí kìíní ẹ lè rí i ní orí kẹwàá pé òdì kejì ẹ̀ ni òǹkọ̀wé fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kan tí mo hun fúnra mi ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fọláṣadé, Adétọ́lá ni ọkọ ẹ̀, ìyá ọkọ wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá. Ọkọ máa ń pe Fọláṣadé ní Ṣadé, èyí dáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí ìyá ọkọ bá wá pè é ní Ṣadé ní orí kọkànlá, ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé fẹ́ ká mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti sún mọ́ra, ó sì lè jẹ́ pé ó gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ní orí kẹsàn-án, Fọlákẹ́ kan ṣàdédé yọ. Kò sẹ́ni tó fi í hàn wá, kò sí nínú orí kankan yàtọ̀ sí ibẹ̀, ohun tí Fọláṣadé sì ń ṣe nínú orí kẹjọ ni òun ń bá lọ. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí òǹkọ̀wé bá yí orúkọ ẹ̀dá ìtàn padà láàárín iṣẹ́, tí ó wá ku ibì kan tí kò dé. Bí orúkọ kan bá wà nínú orí kan ṣoṣo, tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ò ní iṣẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ti àmì ló kàn. Adétọ́lá, Adétólá, Adetola, gbogbo ẹ̀ lè wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Tí ẹ bá tẹ "Adétọ́lá" sínú Ctrl+F, ọ̀kan yẹn nìkan lẹ lè rí, ìyẹn tó tọ́, àwọn tó ṣì á wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ wá apá tí kò lè ní àmì nínú orúkọ náà. Ẹ tẹ "Ad", kí ẹ sì mú "Match case" kó máa wo lẹ́tà ńlá, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde, ẹ wá máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún Fọláṣadé, "F" nìkan ti tó.

Nígbà mìíràn ẹ máa rí orúkọ méjì tó jọra lójú pátápátá, kọ̀ǹpútà á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà méjì ló wà tí lẹ́tà "ọ" fi ń dé inú fáìlì. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, òmíràn á tẹ o lásán, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lójú wa ọ ni méjèèjì. Tí ẹ bá ń lo Microsoft Word lórí Windows, ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn "ọ" kan tí kò ní àmì ohùn lórí, bíi ti Fọláṣadé, kí ẹ tẹ Alt+X, tó bá di 1ECD, lẹ́tà kan ni, tó bá jẹ́ 0323 ló jáde, o àti àmì tó dá dúró ni. Ẹ tẹ Ctrl+Z kó padà sí bó ṣe wà. Tí ẹ bá ti mọ̀, ẹ kọ́pì èyí tí ẹ ò fẹ́ látinú ìwé náà sínú Find, ẹ fi èyí tí ẹ fẹ́ sínú Replace, kí gbogbo ìwé wà ní oríṣi kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ rárá. Àìṣe èyí ló ń mú kéèyàn rò pé òun ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe nígbà tó ku ìdajì.

Ẹ ṣọ́ra fún Replace All. Ká ní òǹkọ̀wé sọ pé òun ò fẹ́ Ṣadé mọ́, Fọláṣadé ni kó wà níbi gbogbo, tí ẹ ò bá mú "Match case", ṣadé tó wà nínú Fọláṣadé náà á yí, ẹ máa wá rí FọláFọláṣadé káàkiri ìwé. Kí ẹ sì má fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti ń fi fóònù tẹ nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnì kejì láìfi àmì sí i, "Folasade" tó wà níbẹ̀ ọwọ́ ẹ̀dá ìtàn ló ti wá, kì í ṣe àṣìṣe. Táíwò tàbí Táyéwò, Kẹ́hìndé tàbí Kẹ́yìndé, òǹkọ̀wé ló máa mú ọ̀kan, iṣẹ́ tiyín ni pé kó má jẹ́ méjì.

Ní tèmi o, gbogbo ti orúkọ yìí ṣì rọrùn, torí ẹ lè wá a. Arọ́pò orúkọ ni iṣẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tó lè wá "ó" nínú ìwé 300 ojú ewé. Torí náà ẹ fi òpó mìíràn kún bébà yẹn: ẹni tó ń sọ ìtàn, "ó" ló ń lò fún ẹni yìí àbí "wọ́n"? Ẹni yìí àti ẹni yẹn, ta ló ń sọ "o", ta ló ń sọ "ẹ"? Ẹ má kàn wo ọjọ́ orí o, ẹ wo ẹni tó ń sọ ìtàn lọ́wọ́. Adétọ́lá lè jẹ́ "ó" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ tó bá di orí tí ọmọ ẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ, "wọ́n" ló máa jẹ́, ìyẹn ò tako ara wọn.

Ká wá sọ pé ẹ̀yin àti òǹkọ̀wé ti fẹnu kò pé "wọ́n" ni Màmá níbi gbogbo, ẹ wá bá èyí ní orí karùn-ún: "Màmá dìde. Ó ní òun ò jẹun mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, Fọláṣadé sì tẹ̀ lé e." Ẹni tó bá ń kánjú á yí "Ó" méjèèjì sí "Wọ́n", á kọjá lọ, ohun tó máa kù sílẹ̀ ni "Wọ́n ní òun ò jẹun mọ́", ẹni tó ń kà á á wá máa bi ara ẹ̀ pé ta ni òun. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló yẹ kó yí níbẹ̀: "Wọ́n ní àwọn ò jẹun mọ́. Wọ́n gbé àpò wọn, Fọláṣadé sì tẹ̀ lé wọn." Ìgbàkigbà tí ẹ bá yí ọ̀kan, ẹ máa tẹ̀ lé e títí tí orúkọ ẹlòmíràn á fi gba ọ̀rọ̀.

Àtúnṣe yìí sì lè dá wàhálà tuntun sílẹ̀. "Màmá àti Fọláṣadé wọ yàrá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sunkún." Ta ló ń sunkún? Nígbà tó wà ní "ó", ẹnì kan ni, a kàn nílò kí á mọ èwo. Ní báyìí ó ti lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e, tó bá hàn kedere pé Màmá ni, ẹ dá orúkọ padà: "Màmá jókòó, wọ́n ń sunkún." Tí kò bá hàn, ẹ má dá a ṣe, ẹ bi òǹkọ̀wé.

Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, "ẹ" ló máa ń tan èèyàn jù. "Ẹ jókòó, Màmá, mo ti gbé àpò ẹ wá." Ó dà bíi pé ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ "ẹ" àkọ́kọ́ nìkan ni ti ọ̀wọ̀, "àpò ẹ" ti ẹgbẹ́ ẹni ni, "àpò rẹ" tí a gé kúrú ni. "Àpò yín" ló yẹ kó wà níbẹ̀. "Mo rí ẹ lánàá" náà bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ Màmá ló ń bá sọ̀rọ̀, "mo rí yín" ni. Mo máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bá ìyá ọkọ sọ jáde lẹ́nu torí èyí, torí etí máa ń mú un níbi tí ojú ti fò ó.

Àmọ́ ó níbi tí ìyípadà ti jẹ́ ìtàn fúnra ẹ̀. Ká ní ìjà dé ní orí kẹtàdínlógún, Fọláṣadé ní "Kí lo fẹ́ gan-an?" sí Màmá. Ẹ wo ìlà bíi mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Tí Màmá bá dákẹ́ lójijì, tàbí tí ọkọ bá ní "Ta lò ń bá sọ bẹ́ẹ̀?", òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ojú ewé náà sí bébà, kí ẹ lè mọ ibi tó ti padà sí "ẹ". Tí ẹnikẹ́ni ò bá fiyè sí i, tí wọ́n kàn ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ kọ ìbéèrè sí i.

Kíkà ìkẹyìn, mi ò kì í kà á ní orí sí orí mọ́. Mo máa ń mú ẹ̀dá ìtàn kan, mo á wá orúkọ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo á ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e níbi kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà mo á mú ẹlòmíràn. Ó ń gba àsìkò o, ẹni mẹ́rin márùn-ún tó ṣe kókó ni mò ń ṣe é fún. Ibi tó kù sí ni pé ó lè tó ojú ewé mẹ́ta tí wọn ò ní dárúkọ ẹni náà rárá, "ó" lásán ni, wíwá orúkọ ò ní gbé yín débẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà àkọ́kà.

Tí òǹkọ̀wé bá dá ìwé padà pẹ̀lú ìdáhùn, ẹ tún wá àwọn orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gbólóhùn tuntun tó fi kún un ò tíì kọjá lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá sì ti tò ó tán fún títẹ̀, ẹ wo àwọn lẹ́tà bíi "ọ́" àti "ẹ̀" dáadáa, fọ́ǹtì mìíràn máa ń gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó sọ ọ́ nù. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé náà ránṣẹ́ sí yín, torí ẹlòmíràn ló sábà máa ń kọ ìyẹn, kò sì ní bébà yín lọ́wọ́.